Oṣù Wo Lowó Máa Pé? Bí A Ṣe Ń Ka Owó Àdájọ Oṣooṣù

 

Láti ìgbà tí ìwé owó agbo ilé wa n'Ìjàrè ti wà lọ́wọ́ mi, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi mí jù ní ìpàdé: "Ìgbà wo lowó páànù máa pé?" Kì í ṣe ìbéèrè ojú lásán. Ẹni tó bá ti tú páànù àtijọ́ kúrò lórí ilé kí owó tuntun tó pé, òjò ni yóò bá a wí. Bí a bá sì dúró pẹ́ jù lẹ́yìn tí owó ti pé, páànù á ti gbówó lórí. Nítorí náà, mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ oṣù tí owó máa pé láti inú ìwé, kó má jẹ́ pé èmi nìkan ló yé.

Ẹni tó ń gba owó oṣù lè dáhùn láìmú bírò. Bó bá ń fi 40,000 náírà pamọ́ lóṣooṣù, tó sì ń wá 400,000, oṣù mẹ́wàá ni. Ó kàn pín in ni. Ṣùgbọ́n tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Kòkó ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbára lé, kòkó kì í sì í mówó wá bákan náà láti oṣù dé oṣù. Ìkórè ńlá máa ń bọ́ sí ìparí ọdún, díẹ̀díẹ̀ náà a máa yọjú láàárín ọdún. Láàárín ìyẹn, owó ilé ìwé ọmọ wà, oògùn oko wà, iṣu tuntun náà wà. Owó tó ń wọlé báyìí, pípín ò lè sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ńṣe la máa ń tò ó lórí ara wọn, oṣù kan tẹ̀ lé èkejì, títí tó fi máa kan iye tá à ń lé.

Òpó mẹ́ta péré ni ìwé náà ní. Èkíní ni orúkọ oṣù. Èkejì ni ohun tó wọlé lóṣù náà, lẹ́yìn tá a bá ti yọ ohun tó jáde. Ẹ̀kẹta, òun gan-an ni ọ̀gá, ni owó tó ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé oṣù yẹn. Ẹ wo ọdún kan nínú ìwé wa, mo ti sọ àwọn ẹ̀ṣẹ́ owó kéékèèké di odidi kó lè rọrùn láti kà:

| Oṣù | Ohun tó wọlé | Owó tó wà nílẹ̀ |
|---|---|---|
| Ṣẹ́rẹ́ | 45,000 | 45,000 |
| Èrèlé | 30,000 | 75,000 |
| Ẹrẹ́nà | 20,000 | 95,000 |
| Igbe | 15,000 | 110,000 |
| Èbìbí | 25,000 | 135,000 |
| Okúdù | 40,000 | 175,000 |
| Agẹmọ | 30,000 | 205,000 |
| Ògún | -25,000 | 180,000 |
| Ọwẹ́wẹ̀ | 50,000 | 230,000 |
| Ọ̀wàrà | 90,000 | 320,000 |
| Bélú | 110,000 | 430,000 |
| Ọ̀pẹ | 80,000 | 510,000 |

Bí a ṣe ń kọ òpó kẹta kò le. Lóṣù kìíní, ohun tó wọlé náà ni ohun tó wà nílẹ̀. Láti oṣù kejì lọ, ẹ mú iye tó wà nílẹ̀ lórí ìlà tó ṣáájú, kí ẹ fi ohun tó wọlé lóṣù tuntun kún un. 45,000 àti 30,000 jẹ́ 75,000. 75,000 àti 20,000 jẹ́ 95,000. Bẹ́ẹ̀ ni títí dópin. Kò sídìí láti máa padà lọ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti orí lóṣooṣù, torí pé ìlà tó ṣáájú ti ro tiẹ̀.

Ní oṣù Ògún, 15,000 ló wọlé, ṣùgbọ́n a mú 40,000 jáde fún ìnáwó iṣu tuntun. Ìdí nìyẹn tí àmì ìyọkúrò fi wà níwájú 25,000, tí owó tó wà nílẹ̀ sì fi lọ sílẹ̀ láti 205,000 sí 180,000.

Wàyí o, ká sọ pé 400,000 náírà ni owó páànù àti owó iṣẹ́ káfíńtà. Ẹ fi ìka tọ òpó kẹta láti òkè wá sísàlẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ tí ẹ bá kàn tí iye rẹ̀ tó 400,000 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù yẹn ni ìdáhùn. Ọ̀wàrà jẹ́ 320,000, kò tíì tó. Bélú jẹ́ 430,000, ó ti tó, ó sì fi 30,000 lé e. Bélú lowó pé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan á bi mí pé ọjọ́ wo gan-an nínú Bélú. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Nígbà tí Bélú bẹ̀rẹ̀, 80,000 ló kù, 110,000 ló sì wọlé lóṣù náà. Bí owó bá ń kán wọlé lójoojúmọ́ lọ́gbọọgba, ìdá 80 nínú 110 oṣù náà ni yóò ti kọjá, ìyẹn bí ọjọ́ kejìlélógún. Ṣùgbọ́n tiwa kì í kán bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìpàdé ni gbogbo rẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ọjọ́ ìpàdé Bélú lowó pé, ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ ọjọ́ mìíràn, àbá ló ń dá.

Ohun kan tún wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Láti Ṣẹ́rẹ́ dé Bélú, ṣé oṣù mọ́kànlá ni àbí mẹ́wàá? Àwa tó ń ṣe ọ̀sẹ̀ Ifá mọ ìdáhùn rẹ̀ tipẹ́. Bí a bá ṣe ọ̀sẹ̀ lónìí, a máa ń sọ pé ọjọ́ karùn-ún ni òmíràn, torí pé a ka òní mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín méjèèjì. Owó náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá la ti pàdé dá owó, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́wàá ló wà láàárín ìpàdé àkọ́kọ́ àti èyí tí owó pé. Nígbà tí ẹ bá ń ka iye ìpàdé, ẹ ka ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ bá ń ka bí nǹkan ṣe ń gbówó lórí, ẹ má kà á mọ́ ọn. A óò lò ó láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá fi pípín wé títò, kí ẹ rí ìdí tí mo fi ní pípín ò lè sọ òótọ́. Lápapọ̀ ọdún, 510,000 ló wọlé. Bí a bá pín in sí 12, ó jẹ́ 42,500 lóṣù kan. 400,000 nínú 42,500 jẹ́ mẹ́sàn-án àti díẹ̀, ìyẹn ni pé oṣù kẹwàá. Ìwé ní ìkọkànlá ni. Bí ó bá sì jẹ́ ìparí Okúdù lẹnì kan jókòó ṣe ìṣirò tiẹ̀, yóò rí 175,000 fún oṣù mẹ́fà, ìyẹn bí 29,000 lóṣù kan. Yóò sọ pé ó di oṣù kẹrìnlá, ìyẹn Èrèlé ọdún tó ń bọ̀. Ìrètí á pin, wọ́n lè pín owó náà padà fún onílé. Bẹ́ẹ̀ kòkó ńlá ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní Ọ̀wàrà la bẹ̀rẹ̀, tí owó náà sì ń wọlé gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ á jẹ́ 90,000, 110,000 àti 80,000, àpapọ̀ 280,000. Inú gbogbo ayé á dùn. Ẹni tó bá pín in á rí bí 93,000 lóṣù kan, á ní oṣù karùn-ún lowó máa pé, ìyẹn Èrèlé, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà á ti gba àdéhùn. Ẹ jẹ́ ká tò ó: Ṣẹ́rẹ́ á gbé e dé 325,000, Èrèlé 355,000, Ẹrẹ́nà 375,000, Igbe 390,000, Èbìbí 415,000. Èbìbí ni, oṣù kẹjọ! Ní Èbìbí, òjò ti ń rọ̀ n'Ìjàrè, Àkúrẹ́ àti gbogbo àyíká. Ta ló máa ṣí ilé sílẹ̀ nígbà yẹn?

Owó kan náà ni. Àgbẹ̀ kan náà ni. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní Ṣẹ́rẹ́ lo ìpàdé mọ́kànlá, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wàrà lo mẹ́jọ. Oṣù tí a bẹ̀rẹ̀ àti bí owó ṣe tẹ̀ léra ló fa ìyàtọ̀. Pípín ń gbé oṣù ọ̀pọ̀ àti oṣù ọ̀wọ́n sínú agbada kan, ó ń rò wọ́n pọ̀.

Ìwé yìí náà ló máa sọ ohun tá a lè ṣe sí i. Bí ilé bá gbọ́dọ̀ ní páànù tuntun kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Ẹrẹ́nà ni ibi tá à ń fojú sùn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wàrà á ní 375,000 nílẹ̀ ní Ẹrẹ́nà, 25,000 ló kù. Ìpàdé mẹ́fà ló wà láti Ọ̀wàrà dé Ẹrẹ́nà, tá a bá ka méjèèjì mọ́ ọn. Bí agbo ilé bá fi 5,000 kún ti ìpàdé kọ̀ọ̀kan, 30,000 nìyẹn, owó á di 405,000, ó pé. Kí wọ́n kéde rẹ̀ ní Ọ̀wàrà nígbà tí owó kòkó wà lọ́wọ́, 5,000 ò ní dun ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n wá dúró di Ẹrẹ́nà kí wọ́n tó máa wá 25,000, ìjà ni.

Ẹ padà wo oṣù Ògún nínú ìwé, torí ẹ̀kọ́ mìíràn wà níbẹ̀. Ká ní 200,000 là ń lé. Agẹmọ kan án, 205,000. Ṣùgbọ́n lóṣù tó tẹ̀ lé e, owó já wálẹ̀ sí 180,000, ó sì tún gòkè ní Ọwẹ́wẹ̀. Nígbà náà, ìdáhùn méjì ló wà. Bí a bá máa ra nǹkan náà lọ́jọ́ tí owó pé, Agẹmọ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà yẹn la máa tó sanwó, Ọwẹ́wẹ̀ ni, torí pé láti ibẹ̀ lọ ni owó ò ti lọ sísàlẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ má dúró lórí ìlà àkọ́kọ́ tó bá tó. Ẹ ka àwọn ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà, bóyá ìnáwó kan wà tá a ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Iye tá à ń lé náà kì í dúró síbì kan. Ká sọ pé owó páànù jẹ́ 400,000 ní Ṣẹ́rẹ́, tó sì ń fi 5,000 lé lóṣooṣù. Láti Ṣẹ́rẹ́ dé Bélú, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló ti lé, kì í ṣe mọ́kànlá. Ó ti di 450,000. Owó wa ní Bélú jẹ́ 430,000, kò tó mọ́. Ọ̀pẹ ni, nígbà tí a ní 510,000 tí páànù jẹ́ 455,000. Ohun tá a ṣe ni pé a fa òpó kẹrin, a kọ iye páànù síbẹ̀ lóṣooṣù, a sì ń fi òpó kẹta wé òpó kẹrin lórí ìlà kan náà. Ìlà tí ẹ̀kẹta bá ti tó ẹ̀kẹrin, oṣù yẹn ni.

Àwọn ọdún míì sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kéde pé ní Ọ̀pẹ 2024, ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Àpapọ̀ oríṣiríṣi ọjà ni wọ́n ń kà, kì í ṣe páànù nìkan, ṣùgbọ́n bí páànù bá tẹ̀ lé e, 400,000 á di 539,200 lẹ́yìn ọdún kan gbáko. Owó wa ní Ọ̀pẹ ò ní tó. Ó di Ṣẹ́rẹ́ kejì, nígbà tí 45,000 mìíràn bá gbé e dé 555,000, kó tó kan án, 15,800 péré ló sì máa ṣẹ́ kù. Fún ìdí yìí, bí owó bá ti tó ra ìdajì páànù, tí ẹni tó ń tà á sì ṣeé fọkàn tán, ó sàn ká rà á, ká kó o sílé. Irin kì í jẹrà láàárín oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n náírà lè fúyẹ́.

Ẹ̀yin tó ń dá owó fún alájọ, ẹ kíyè sí ohun tí ẹ ń kọ sí òpó kejì. Alájọ tó ń lo káàdì alápótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n máa ń mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń dá 1,000 lójoojúmọ́, 31,000 lẹ fi ránṣẹ́, 30,000 lẹ máa gbà. 30,000 ni kí ẹ kọ. Ẹni tó bá ń kọ 31,000, lẹ́yìn oṣù 12, ìwé rẹ̀ á fi 12,000 ju owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Èsúsú ní tiẹ̀ yàtọ̀. Ohun àtayébáyé ni láàárín wa. Àlùfáà Samuel Johnson mẹ́nu kàn án nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, William Bascom tó gbé nílé Ifẹ̀ ṣe ìwádìí sì kọ odidi àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀ ní 1952. Ó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wọ Trínídáàdì, súsú ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ń dá 40,000 lóṣooṣù, 400,000 ni ẹni tó kàn á kó. Bí ó bá kàn yín lóṣù kẹta, 400,000 á dé ọwọ́ yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n òpó kẹta ìwé tiyín, 120,000 ló máa kà. 280,000 tó kù, gbèsè ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Owó ti dé, àmọ́ kò tíì pé, títí di oṣù kẹwàá.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ìwé ò tọ̀nà? Ìdánwò àkọ́kọ́ ni kí akápò ka owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti èyí tó wà ní báńkì. Ó gbọ́dọ̀ bá ìlà tó kẹ́yìn mu. Bí kò bá bá a mu, iye tí wọ́n fi yàtọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí ìyàtọ̀ náà bá ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́ kù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gbé nọ́ńbà méjì kọjá ara wọn. Ẹni tó kọ 54,000 dípò 45,000 ṣe àṣìkọ 9,000. Bí kò bá sí nínú ìyẹn, ẹ pín ìyàtọ̀ náà sí méjì, kí ẹ wá ìdajì rẹ̀ nínú ìwé. Ìnáwó tí wọ́n fi kún dípò kí wọ́n yọ ọ́ máa ń fa ìlọ́po méjì. Ẹ wo 40,000 ti oṣù Ògún. Bí wọ́n bá fi kún un, Ògún á di 55,000 dípò ìyọkúrò 25,000, owó á sì fi 80,000 pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ògún á ka 260,000, Ọwẹ́wẹ̀ 310,000, Ọ̀wàrà 400,000 géérégé! Ìwé á ní owó pé ní Ọ̀wàrà, káfíńtà á gun orí ilé, wọ́n á wá ṣí àpótí, 320,000 ni wọ́n máa bá nínú rẹ̀. Àmì kékeré kan ló fa gbogbo ìyẹn.

Láti mọ oṣù tí àṣìṣe ti wọlé, ẹ fi ìwé wé ohun tí wọ́n kà sí etí ìpàdé lóṣooṣù. Àṣìṣe inú òpó kẹta kì í dá dúró, gbogbo ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa ń bá a rìn. Ìlà àkọ́kọ́ tí ìyàtọ̀ ti yọjú, ibẹ̀ ló ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ka iye tó wà nílẹ̀ sókè ní gbogbo ìpàdé, kì í ṣe ohun tó wọlé nìkan.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ní Excel lórí fóònù lè jẹ́ kó máa ro ara rẹ̀. Ẹ kọ oṣù sí A, ohun tó wọlé sí B, kí ẹ sì kọ èyí sí C àti D:

```
C2: =B2
C3: =C2+B3
D2: =C2>=400000
```

Ẹ fa C3 àti D2 lọ sísàlẹ̀ dé ìlà 13. Ìlà àkọ́kọ́ tí D bá ti kọ `TRUE` ni oṣù tí owó pé. Bí a bá tún iye oṣù kan ṣe, gbogbo ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á tún ara wọn ṣe. Ṣùgbọ́n fóònù ò mọ̀ bóyá 40,000 wọlé ni àbí ó jáde. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀.

Fún ìpàdé tó ń bọ̀, mo bẹ ojúlé kọ̀ọ̀kan kó mú iye tó rò pé òun máa lè dá lóṣù kọ̀ọ̀kan láti ìsinsìnyí títí di Ẹrẹ́nà wá, kì í ṣe iye kan fún gbogbo oṣù. Ẹni tí oko rẹ̀ máa ń so lọ́pọ̀ ní Bélú, kó kọ ọ̀pọ̀ sí Bélú. Ẹni tó ní owó ilé ìwé láti san ní Ṣẹ́rẹ́, kó kọ díẹ̀ tàbí òdo sí i. A óò tò wọ́n lójú gbogbo wa, a óò sì rí oṣù náà kí a tó pe káfíńtà.